Àbọ̀ ìbéèrè mi lórí iṣẹ́ akápò ọ̀dọ́ ìjọ

"Ọdún mẹ́ta ni mo fi ṣe akápò ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìjọ wa. Báwo ni mo ṣe máa kọ ọ́ sínú ìwé ìwáṣẹ́ tí kò fi ní dà bí ìjẹ́rìí?"

Ẹ ṣé gan-an fún ìdáhùn yín. Ìmọ̀ràn ẹ̀gbọ́n tó ń gbani síṣẹ́, pé kí n kọ iṣẹ́ tí mo ṣe gan-an, ló ṣiṣẹ́ fún mi. Mo yọ "mo fi tọkàntọkàn sin Olúwa" kúrò, mo kọ ọ́ báyìí: "Mo ń gba owó ìdásí ọmọ ẹgbẹ́ 64, mo sì ń fi àkọsílẹ̀ wé ìwé báńkì lóṣooṣù." Ilé iṣẹ́ kan pè mí. Wọ́n ní kí ni mo ṣe nígbà tí owó kò bá ìwé mu. Mo sọ ti ₦3,500 tí mo fi ọjọ́ méjì wá, kí n tó rí i pé rìsíìtì epo jẹnẹrétọ̀ kan ni mo kọ lẹ́ẹ̀mejì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ mi dáadáa.

Ẹni tó ní kí n fi ìjọ pamọ́ tọ̀nà díẹ̀: "Akápò" ló ṣáájú báyìí, ìjọ tẹ̀ lé e. Nígbà tí mo yọ ọ́ pátápátá, wọ́n ń bi mí pé ẹgbẹ́ wo.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè bí ẹ ṣe máa kọ iṣẹ́ olùkọ́ ilé kéwú, ẹ kọ iye ọmọ tẹ́ ẹ kọ́ àti ohun tí wọ́n ti lè kà.

Lẹ́tà tí pásítọ̀ kọ fún ìwáṣẹ́ mi ló kù. Àdúrà mi nìkan ni wọ́n ń yìn níbẹ̀, n kò tíì mọ bí màá ṣe bẹ̀ wọ́n kí wọ́n mẹ́nu ba ìwé owó.