Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o, ìndọ́kíṣọ̀n ń jó mi lọ́bẹ̀

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Ogbómọ̀ṣọ́ ni mo wà, owó gáàsì ló sú mi tí mo fi ra sítóòfù ìndọ́kíṣọ̀n olójú kan, 2000 wáàtì. Ọjọ́ àkọ́kọ́ mo gbé ìkòkò alumíníọ́ọ̀mù mi lé e, ló bá ń ké fíì fíì, ó kọ E0, kò gbóná rárá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ní kí n fi mágínẹ́ẹ̀tì kan ìdí ìkòkò, èyí tó bá lẹ̀ mọ́ ọn dáadáa ló máa ṣiṣẹ́. Nínú ìkòkò méje, méjì péré ló lẹ̀!

Ká sòótọ́, tó bá di omi àmàlà ó yára: omi lítà méjì hó láàrin bíi ìṣẹ́jú méje, gáàsì mi máa ń tó mọ́kànlá.

Ọbẹ̀ ni wàhálà. Tí mo bá yí i sí 300 wáàtì kí ata rọra dín, kò ní gbóná pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ bíi gáàsì, á hó gbùdùgbùdù fún ìgbà díẹ̀, á dákẹ́, á tún hó, bí ẹni ń tan iná tó ń pa á, àárín ìkòkò nìkan ló sì ń jó nítorí ìdí ẹ̀ fẹ́lẹ́. Ṣé ìkòkò onídìí nínípọn ló máa tán an ni àbí sítóòfù yẹn gan-an kò lè lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀?

Àti pé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ro àmàlà lórí ẹ̀, báwo lẹ ṣe ń di ìkòkò mú? Tèmi ń yọ̀ lórí gíláàsì, tó bá ti kúrò lójú ẹ̀, iná kú nìyẹn.