Gárántì báńkì tí ọjọ́ rẹ̀ kò tó: kí lẹ rí níbi tẹ́ńdà?

Ìyá Kúbwà
Ẹ̀yin ará Àbújá, ẹ gbọ́ ohun tí mo rí. Àga àti tábìlì ilé-ìwé ni wọ́n fẹ́ kí a kó wá. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí àpótí, iye tí obìnrin tó jókòó tì mí kọ ló kéré jù, a ti ń kí i kú oríire. Nígbà tó yá, a gbọ́ pé wọ́n ti yọ ọ́ kúrò. Mo ní kó jẹ́ kí n wo ìwé rẹ̀. Ìpolówó inú ìwé ìròyìn kàn béèrè gárántì báńkì ni, ó sì gbà á. Àmọ́ dátà ṣíìtì inú ìwé tẹ́ńdà ní kí iye tí èèyàn bá kọ dúró fún ọjọ́ 120 lẹ́yìn ọjọ́ ìparí gbígba ìwé, kí gárántì sì fi ọjọ́ 28 kọjá ìyẹn. Ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún ni ìparí. Ọjọ́ 120 bọ́ sí ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án, 28 tó kù wá bọ́ sí ọjọ́ 9 oṣù Kẹwàá. Ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ni tirẹ̀ parí. Ṣé wọn ò fìyà jẹ ẹ́ báyìí?

Ọmọ Ìlọrin, Gárkì
Màmá, ó yẹ kí wọ́n ní kó lọ tún un ṣe ni. Wọ́n ti pe èmi rí pé kí n wá ṣàlàyé ìwé mi.

Bàbá Wùsé
Àlàyé ohun tẹ́ ẹ ti fi sílẹ̀ ni wọ́n pè yín fún o. Gárántì tuntun yàtọ̀ síyẹn: ẹni tó ti gbọ́ iye tí gbogbo èèyàn kọ ni yóò lọ tún ìwé rẹ̀ ṣe? Iye tó kéré jù kò sì wúlò àyàfi láàárín àwọn tí ìwé wọn pé.

Ìlànà gbogbogbòò tó wà níwájú ìwé tẹ́ńdà, bákan náà ló máa ń rí níbi púpọ̀. Dátà ṣíìtì ló ń sọ ti iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ gan-an, tí méjèèjì bá sì takora, òun ló borí. Ibẹ̀ ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀, tèmi ti kàlẹ́ńdà. Tí mo bá dé báńkì, n kì í sọ iye ọjọ́ lásán fún wọn, torí wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i. Ọjọ́ tí gárántì yóò parí gan-an ni mo ń kọ fún wọn. Mo tún máa ń fún wọn ní fọ́ọ̀mù gárántì inú ìwé tẹ́ńdà, kí wọ́n má baà lo ti ara wọn.

Àlàbí Kánò
Àwa ńkọ́? Ẹ̀ṣọ́ ló dá wa dúró lẹ́nu géètì, aago 12 kọjá díẹ̀ ká tó dé ìdí àpótí. Wọn ò tiẹ̀ ṣí ìwé wa, wọ́n dá a padà ni. Ṣé a lè pẹjọ́?

Bàbá Wùsé
Àlàbí, ọ̀tọ̀ lèyí tí à ń sọ. Bí òfin ìrajà ìjọba ti ọdún 2007 ṣe ní kí wọ́n ṣe é nìyẹn. Ó fún yín ní ọjọ́ iṣẹ́ 15 láti kọ̀wé fẹjọ́ sun olórí iléeṣẹ́ náà, àmọ́ ẹ ronú ohun tẹ́ ẹ máa kọ.

Ọmọ Ìlọrin, Gárkì
Bàbá, tí wọ́n bá sún ọjọ́ ìparí síwájú lẹ́yìn tí báńkì ti fún wa ní gárántì ńkọ́?

Bàbá Wùsé
Gbogbo ọjọ́ tó kù ló sún tẹ̀lé e. Ẹ gba àfikún sí i lọ́wọ́ báńkì kẹ́ ẹ tó fi ìwé yín sílẹ̀.

Ìyá Kúbwà
Báńkì á tún gbowó nìyẹn?

Ọmọ Ìlọrin, Gárkì
Tèmi ò gbà lọ́jọ́sí. Ti ọ̀rẹ́ mi gbà.