R kan àbí r méjì? Embarrass, harass àti address

Ìyá Ìbejì: Ẹ gbà mí o. Mo ń kọ lẹ́tà, mo kọ harrass, kọ̀ǹpútà fàlà pupa sí i. Mo yọ r kan, ó dákẹ́. Mo wá yọ r kan nínú embarrass náà, ìlà pupa tún yọ! Kí ló dé tí wọn ò bára mu?

Bàbá Ṣadé: Ibi tí ohùn bá ti wúwo ni wọ́n ti máa ń kọ ọ́ ní méjì. Ẹ wo referred, r méjì, offered, r kan. Em-BAR-rass, ẹ ò rí i bí?

Tíṣà: Bàbá, ti referred yẹn dáa, àmọ́ kò ṣiṣẹ́ níbí. Ọ̀pọ̀ ará Bìrìtìkó ló ń pè é ní HA-rass, àwọn ará Amẹ́ríkà ní ha-RASS, r ò sì kúrò lójú kan. Ọ̀dọ̀ Faransé ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wá: embarrasser, harasser, adresser. Níbẹ̀, tí s kan ṣoṣo bá wà láàárín fáwẹ̀lì méjì, bíi z ni wọ́n ń pè é. Poison ni májèlé, poisson ni ẹja, ẹ wo nǹkan tí s kan lè fà sórí tábìlì oúnjẹ! Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ s méjì, Gẹ̀ẹ́sì wá gé ìparí ẹ̀ dànù, ó fi ss sílẹ̀. Ìyá Ìbejì, s ò ní wàhálà, méjì ni nínú gbogbo wọn, iwájú ni kẹ́ ẹ máa wò.

Àlàkẹ́ Kútọnu: Tíṣà, èmi ti jìyà ẹ̀ o! Adresse ni wọ́n fi kọ́ wa níbí, d kan, mo kọ adress sínú fọ́ọ̀mù kan l'Ékòó, wọ́n ní kí n lọ tún un kọ.

Tíṣà: Faransé àtijọ́ náà, d kan ni. Àwọn akọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì ló rántí ad ti Látìn, wọ́n bá fi d kejì kún un. Ti harass, harer ni ọ̀pọ̀ ń tọ́ka sí, r kan, ìyẹn kéèyàn dẹ ajá sí ẹlòmíì. Embarrass ló le. Embarazar ni Sípéènì ń kọ, r kan péré, Faransé ló sọ ọ́ di méjì. Àwọn kan ní torí pé ó jọ barre, ọ̀pá tí wọ́n fi ń dínà. Ní ti ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá, àwọn kan ní barre yẹn náà ni, àwọn míì ní baraço ni, okùn lédè Potogí. Wọn ò tíì parí ẹ̀.

Bàbá Ṣadé: Harass wá ńkọ́ lédè Yorùbá o? Ìfínràn ni mo máa ń pè é.

Ìyá Ìbejì: Rárá o, ẹni tó fínràn ń wá ìjà ni. Ọ̀gá tó ń pè mí láago mọ́jú ò wá ìjà, ó ń dà mí láàmú ni.

Àlàkẹ́ Kútọnu: Ẹ jẹ́ ká kúkú pè é ní ìdẹjásíni, ṣebí ajá ló ti bẹ̀rẹ̀.

Bàbá Ṣadé: Ìdẹ kí ni? Ẹ tún un kọ, mi ò lè pè é.