Ìlà EMA 9 àti EMA 21 tú àpò mi lórí kọ́ìnì ADA. Ta ló ti rí irú rẹ̀?

Àkànbí_Ṣáàtì
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ní oṣù Kẹsàn-án 2023, ADA ń lọ ó ń bọ̀ láàárín sẹ́ǹtì 24 sí 27. Ṣáàtì wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin ni mò ń wò, àbẹ́là kan fún wákàtí mẹ́rin. EMA ni ìlà ìpíndọ́gba iye owó: 9 ń wo àbẹ́là mẹ́sàn-án, 21 ń wo mọ́kànlélógún. Bí EMA 9 bá ti gba orí EMA 21 kọjá, mo rà. Bó bá já sábẹ́ rẹ̀, mo tà. Ṣùgbọ́n nǹkan bíi 26 ni mo máa ń rà, bíi 25 ni mo máa ń tà. Tí a bá ro owó iṣẹ́ mọ́ ọn, ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ló ń lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún léraléra, dọ́là 500 mi ku 408.

Ìyá_Kọ́ìnì
Pẹ̀lẹ́ o. Tèmi náà nìyẹn gan-an.

Dèjì77
Ká ní SMA, tó ń ka iye àtijọ́ àti tuntun sí bákan náà, lẹ̀ ń lò ni, ǹ bá ní ó ń pẹ́. EMA kì í pẹ́ o.

Baba_Àbẹ́là
Dèjì, ó ń pẹ́. Iye tuntun ló ń kà sí jù, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n tí a bá pín in dọ́gba, EMA 21 ṣì ń sọ ibi tí ọjà wà ní àbẹ́là mẹ́wàá sẹ́yìn. Lórí ṣáàtì Àkànbí, wákàtí 40 nìyẹn. Bí ADA bá sì ń lo ọjọ́ méjì láti ilẹ̀, ìyẹn 24, dé àjà, ìyẹn 27, nígbà tí ìlà méjèèjì bá fi máa dábùú ara wọn, owó ti kan àjà. Ibi tí ó ti fẹ́ padà sílẹ̀ lẹ ti ń rà á.

Dèjì77
Ó yé mi, ẹ̀gbọ́n. Kí á wá lo 3 àti 8 ńkọ́?

Baba_Àbẹ́là
Yóò yá, àmọ́ ìró èké á pọ̀ sí i, owó iṣẹ́ á sì máa jẹ yín.

Ìyá_Kọ́ìnì
Èmi máa ń wo ADX, tó ń wọn bí ọjà ṣe ń lọ sí ọ̀nà kan tó. Tí kò bá tó 20, n kì í fọwọ́ kan ọjà.

Dèjì77
ADX fúnra rẹ̀ kì í pẹ́ ni? Àkọsílẹ̀ àná lòun náà ń dà pọ̀.

Ìyá_Kọ́ìnì
Ó ń pẹ́. Ṣùgbọ́n ó ti gbà mí lọ́wọ́ àdánù tó pọ̀ ju èyí tó kó mi sí lọ.

Àkànbí_Ṣáàtì
Ohun tó dùn mí jù ni pé mo ṣíwọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá. Nígbà tí oṣù náà ń parí lọ, ìlà tún dábùú, n kò rà. Ní oṣù Kọkànlá, ADA ti ju 35 lọ. Ẹyọ kan yẹn ìbá dá gbogbo owó mi padà.

Baba_Àbẹ́là
Ibi tó nira nìyẹn. Ìgbà tí ọjà bá jáde nínú àyè tó wà láàárín ilẹ̀ àti àjà la tó ń mọ̀ pé inú àyè ló wà tẹ́lẹ̀.

Ìyá_Kọ́ìnì
N kò gbà. Tí ilẹ̀ àti àjà bá ti hàn lẹ́ẹ̀mejì-mejì, mo fi ìlà mọ síbẹ̀, mo sì dúró kí àbẹ́là ọjọ́ kan parí sókè àjà.

Baba_Àbẹ́là
Ẹ̀yin náà yóò pẹ́ wọlé nìyẹn.

Ìyá_Kọ́ìnì
Ẹ̀ẹ̀kan péré ni màá pẹ́.