Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí àkójọ fídíò tí mo ń ṣe nínú Google Sheets

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà nídìí iṣẹ́ fídíò. Mo ya fídíò àwọn apẹja àti àwọn ìyá ẹlẹ́ja ní ọjà Olúwo, ní Ẹ̀pẹ́, mo sì ti tẹ gbogbo ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀. Nínú ṣíìtì mi, orúkọ fáìlì wà ní òpó A, àkókò wà ní B, ọ̀rọ̀ wà ní C, àmì kókó-ọ̀rọ̀ sì wà ní D, tí mo fi `;` pín láìsí àlàfo.

Àkókò ló kọ́kọ́ yọ mí lẹ́nu, nítorí pé ó wọlé bíi `00:04:17,320`, ṣíìtì sì kà á sí ọ̀rọ̀ lásán tí kò ṣeé ṣírò. `=TIMEVALUE(LEFT(B2,8))` ló yanjú ìyẹn.

Lẹ́yìn náà, bí mo bá wá "ẹja", ìlà tó ní "ẹja yíyan" nìkan náà ń jáde, débi pé ìyá kan tó ń ráhùn nípa èéfín igi ìdáná bọ́ sáàárín ìtàn àwọ̀n. Mo wá fi `;` sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì:

```
=FILTER(A2:D, ISNUMBER(SEARCH(";ẹja;", ";"&D2:D&";")))
```

Ibi tí mo ti nílò yín nìyí: ìyá kan sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 3 gbáko, ó fọwọ́ kan owó ọkọ̀, àwọ̀n, èéfín àti ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n àmì àkókò kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ ní. Ṣé kí n gé e sí ìlà mẹ́rin, kí ìkọ̀ọ̀kan ní àkókò ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí tirẹ̀, àbí kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀? Bí mo bá gé e, ẹ̀rù ń bà mí pé ẹni tó máa tò ó pọ̀ kò ní mọ ohun tó sọ ṣáájú. Bí n kò bá sì gé e, màá máa gbọ́ ìṣẹ́jú 3 nítorí ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú-àáyá 12. Báwo ni ìlà tiyín ṣe ń gùn tó?