Waning Crescent ni áàpù pe òṣùpá ọmọ mi, àmọ́ ìwà tí wọ́n kọ síbẹ̀ ò jọ ọ́ rárá

Màmá Dára: Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará wa. Mo bí ọmọ mi obìnrin ní 16 Ògọ́ọ̀sì 2017, bí aago méje ìrọ̀lẹ́, n'Íbàdàn. Mo fi sí áàpù kan, ó ní Waning Crescent ni òṣùpá ọjọ́ yẹn, mo wá lọ wo irú ìwà tí wọ́n ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa ń ní, wọ́n ní ọmọ jẹ́jẹ́ ni, tó fẹ́ràn kó máa dá jókòó, tó tètè máa ń rẹ̀, bí ẹni pé ó ti dàgbà kó tó wáyé. Háà, Dára kẹ̀? Dára tó bá dádì ẹ̀ jiyàn lánàá títí oúnjẹ fi tutù, torí dádì ní kò gbọdọ̀ tẹ fóònù nídìí oúnjẹ, dádì náà sì ń tẹ tiẹ̀, ló bá ní òfin tí ò bá mú dádì ò lè mú òun. Ṣé áàpù ló ń parọ́ ni?

Fúnkẹ́ B: Líò ni jàre! Ọkọ mi náà Líò ni, wọn kì í gbà fún èèyàn láéláé, ẹ fara dà á ni o

Màmá Dára: Àǹtí mi, òṣùpá ni mò ń bèèrè o, kì í ṣe oòrùn 😂

Àlàájì Ṣèyí: Áàpù ò parọ́. Ẹ ka oṣù Lárúbáwá, ọjọ́ yẹn á ti wọ 23 tàbí 24, òṣùpá tó ń kú lọ nìyẹn. Gbogbo ọmọ tí wọ́n bá bí láti ìgbà yẹn títí oṣù tuntun á fi lé, ìwà kan náà ni.

Kúnlé Awòràwọ̀: Òótọ́ ni Àlàájì sọ nípa pé òṣùpá ń kú lọ, ibi ìwà kan náà yẹn ni mi ò ti gbà. Dane Rudhyar, ará Faransé tó kó lọ sí Amẹ́ríkà tó kú ní 1985, ló tò wọ́n sí ìrísí mẹ́jọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 45 dígíríì, bí òṣùpá ṣe jìnnà sí oòrùn lẹ ó fi mọ̀ ọ́n. Áàpù yín ò pín in bẹ́ẹ̀, látorí 270 títí dé 360 ni gbogbo ẹ̀ ń jẹ́ Waning Crescent lọ́dọ̀ tiẹ̀. Ìwà jẹ́jẹ́ tẹ́ ẹ kà yẹn, ti Balsamic ni, ìyẹn 315 sí 360, bí ọjọ́ mẹ́ta àbọ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ti Dára. Oòrùn wà ní nǹkan bíi 24 Líò nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Líò bẹ̀rẹ̀ ní 120, ó di 144. Òṣùpá wà ní nǹkan bíi 17 Jẹ́mínì, ìyẹn bẹ̀rẹ̀ ní 60, ó di 77. Ẹ yọ 144 kúrò nínú 77, ẹ fi 360 kún un, 293. Kò tíì dé 315, torí náà Last Quarter ni Dára lọ́dọ̀ Rudhyar. Ohun tó sì sọ nípa àwọn yẹn ni pé ìlànà ni wọ́n ń jà fún, wọn kì í yẹ̀, tẹ́ ẹ bá bá wọn wí ó máa ń dùn wọ́n gan-an.

Màmá Dára: Yéè. Ìbáwí yẹn! Ó lè torí ẹ̀ máà bá mi sọ̀rọ̀ di ọjọ́ kejì

Tísà Físíìsì: Ẹ dẹ̀ ṣé ẹ rí i pé ẹ ti ń rí Dára nínú ẹ̀ báyìí. Shawn Carlson gbé ìdánwò kan jáde nínú Nature ní 1985, wọ́n fún àwọn awòràwọ̀ ní àtẹ ìbí ẹnì kan àti àpèjúwe ìwà èèyàn mẹ́ta, kí wọ́n mú èyí tó jẹ́ ti ẹni náà, wọn ò ṣe ju ẹni tó kàn ń méfò lọ. Ìṣírò Kúnlé dára o, ti ìwà yẹn ni mi ò bá a dé.

Kúnlé Awòràwọ̀: Odindi àtẹ ni wọ́n lò níbẹ̀ Tísà, kì í ṣe òṣùpá nìkan. Àmọ́ mi ò ní ẹ̀rí tí mo lè fi já yín, ohun tí Rudhyar kọ ni mò ń sọ.

Bísí Alákàrà: Èmi ńkọ́, Crescent ni wọ́n kọ fún mi, ìyá mi ní àwọn rí òṣùpá tín-ín-rín lápá ìwọ̀ oòrùn lẹ́yìn Mọ̀ọ́ríbì ọjọ́ tí wọ́n bí mi. Ṣé Balsamic lèmi náà?

Kúnlé Awòràwọ̀: Rárá o. Èyí tí wọ́n bá rí nírọ̀lẹ́ níwọ̀ oòrùn, ó ń dàgbà bọ̀ ni. Èyí tó ń kú lọ, ìdájí lápá ìlà oòrùn lẹ ti máa rí i, kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ìyá Ìbejì Ìkẹjà: Àwọn tèmi 18 Ògọ́ọ̀sì ọdún yẹn kan náà, Fráídé. Ìkan jẹ́jẹ́, ìkejì ń fọ́ àwo. Èwo ni wọ́n?

Kúnlé Awòràwọ̀: Ọjọ́ yẹn gan-an ló kọjá 315, mo ṣírò ẹ̀ sí nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀ tiwa. Aago mélòó lẹ bí wọn?

Ìyá Ìbejì Ìkẹjà: Ilẹ̀ ti mọ́ ni mo mọ̀. Káàdì ọsibítù wà lọ́wọ́ ìyá ọkọ mi l'Ábẹ́òkúta

Tísà Físíìsì: Kò tó wákàtí kan ló máa ń wà láàárín ìbejì lọ́pọ̀ ìgbà, òṣùpá ò lè tíì rìn tó dígíríì kan. Kí ló wá fà á tí ìkan ń fọ́ àwo?