Mo ti rí ₦54,250 tó ń dà mí láàmú

"Ẹ jọ̀ọ́, káàṣì búùkù wa fi ₦54,250 ju sítétímẹ́ǹtì báǹkì lọ ní ìparí oṣù kẹsàn-án 2024. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá a?"

Ẹ ṣeun o, mo ti rí i. Ẹ̀gbọ́n tó ní kí n pín ìyàtọ̀ náà sí mẹ́sàn-án, pé tó bá pín geere, nọ́ńbà méjì ló gba ipò ara wọn, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á. Kò pín. Màmá ló ní kí n kọ́kọ́ yọ ohun tí báǹkì fúnra rẹ̀ gé. Mo fi bírò pupa sàmì sí gbogbo ìlà tó bára mu. Ohun tó ṣẹ́ kù lára sítétímẹ́ǹtì ni ₦50 ọ̀nà márùn-ún, owó tí ìjọba ń gbà nígbà náà lórí owó tó wọlé tó tó ₦10,000. Mo yọ ₦250, ó ku ₦54,000. Ìyẹn pín geere! Owó dísù ₦82,000 ni mo kọ ní ₦28,000. Ọwọ́ ara mi.

Àǹtí tó sọ pé ṣẹ́ẹ̀kì ló fà á, ṣẹ́ẹ̀kì tí ẹ kọ tí wọn ò tíì gbà ní báǹkì, owó báǹkì ló máa ń mú pọ̀ ju tìwé lọ. Tiwa yàtọ̀.

Ọ̀gá ní kí n kọ ₦250 sábẹ́ owó báǹkì, ọ̀dítọ̀ ní owó orí ni. Wọ́n ṣì ń fà á.